Ẹ ti kánsù hòtẹ́ẹ̀lì, owó ṣì há: bí ẹ ṣe máa tú họ́ọ̀dù kúrò lórí káàdì yín

Ẹ ti kánsù búkìn hòtẹ́ẹ̀lì, ìmeèlì ti wọlé pé wọ́n ti kánsù ẹ̀ lóòótọ́ àti pé ẹ ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ tí ẹ bá ṣí áàpù báńkì yín owó yẹn ò sí níbẹ̀. Ẹ pe hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní àwọn ò gba owó kankan lọ́wọ́ yín. Ẹ pe báńkì, wọ́n ní ọwọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ló wà. Ohun tó wá ń dun èèyàn níbẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ò parọ́. Owó yẹn ò tíì kúrò ní báńkì yín rárá, hòtẹ́ẹ̀lì ò sì tíì fọwọ́ kàn án, wọ́n kàn dì í mú sílẹ̀ ni kó má baà rìn. Họ́ọ̀dù la máa ń pè é. Àwọn èèyàn wa tó wà nílùú ọba ni mo ní lọ́kàn jù níbí, àwọn tó ń fi káàdì dẹ́bítì búkù hòtẹ́ẹ̀lì fún ìgbéyàwó, òkú àgbà tàbí ìrìn àjò iṣẹ́, torí lórí dẹ́bítì, owó oúnjẹ àti owó ilé yín gan-an ni họ́ọ̀dù ń dì mú. Tó bá jẹ́ kírẹ́díìtì káàdì ni, ìwọ̀n gbèsè tí báńkì fún yín láyè láti jẹ ló kàn máa dínkù fúngbà díẹ̀, owó oṣù yín ò ní há.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á máa béèrè ohun tí kò yẹ kó béèrè.

Nígbà tí ẹ tẹ nọ́ńbà káàdì yín, ẹ̀rọ hòtẹ́ẹ̀lì gba ọ̀dọ̀ Visa tàbí Mastercard lọ bá báńkì yín, ó ní ṣé owó báyìí wà lọ́wọ́ ẹni yìí? Báńkì wò ó, ó ní ó wà, ó fún hòtẹ́ẹ̀lì ní kọ́ọ̀dù kékeré kan tó jẹ́ ojú mẹ́fà, ó sì ya iye owó yẹn sọ́tọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹ ní kí ìyá aláṣọ bá yín yọ áńkárá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹ ò tíì rà á, kò sì lè tà á fún ẹlòmíì. Tí ọjọ́ tí ẹ máa sùn níbẹ̀ bá dé, hòtẹ́ẹ̀lì á tún ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì pé kí wọ́n mú owó yẹn wá, ìgbà yẹn lowó tó kúrò lóòótọ́. Tí ẹ bá wá kánsù, ó yẹ kí hòtẹ́ẹ̀lì fi iṣẹ́ mìíì ránṣẹ́ sí báńkì pé a ò gbà á mọ́, ẹ tú u sílẹ̀. Iṣẹ́ yẹn lorúkọ ẹ̀ ń jẹ́ authorisation reversal, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ sì ti máa ń wọ́. Kánsù tí ẹ ṣe lórí áàpù, inú ìwé búkìn hòtẹ́ẹ̀lì ló lọ, ẹ̀rọ tó ń bá báńkì sọ̀rọ̀ lè máà mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ àyàfi tí ẹnì kan bá jókòó tẹ̀ ẹ́. Òfin Visa àti ti Mastercard sọ pé láàárín wákàtí 24 tí oníṣòwò bá ti mọ̀ pé òwò ò ní wáyé mọ́ ló yẹ kó fi reversal ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe é, wọ́n á ní ó ṣáà máa bọ́ fúnra ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ mọ̀ bóyá họ́ọ̀dù ni tàbí wọ́n ti gba owó

Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, ẹ tẹ orí orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì yẹn. Tí ẹ bá rí Pending tàbí Authorised lára ẹ̀, họ́ọ̀dù ni. Tí kò bá sí nǹkan bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ tó sì ti ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọ ákáńtì, wọ́n ti gba owó nìyẹn, ọ̀nà tí ẹ máa gbà yàtọ̀, mo máa dé ibẹ̀. Bí áàpù yín ò bá ṣàlàyé dáadáa ẹ wo bálánsì méjèèjì, torí báńkì púpọ̀ máa ń fi owó tó wà nínú ákáńtì hàn lọ́tọ̀, wọ́n á sì fi èyí tí ẹ lè ná hàn lọ́tọ̀. Tí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá ṣe rẹ́gí pẹ̀lú owó hòtẹ́ẹ̀lì, họ́ọ̀dù ni kò sí iyèméjì. Sítétímẹ́ǹtì náà máa sọ fún yín, họ́ọ̀dù kì í sábà wọ inú ẹ̀, owó tó ti lọ ló ń wọ̀ ọ́.

Ẹ tún wo orúkọ tó wà níbẹ̀ dáadáa o. Tó bá jẹ́ ojúlé wẹ́ẹ̀bù ni ẹ ti búkù, ó lè jẹ́ orúkọ wẹ́ẹ̀bù yẹn ló wà lórí họ́ọ̀dù, ó sì lè jẹ́ ti hòtẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀. Ẹni tórúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ nìkan ló lè tú u. Èmi ti rí ẹni tó ń bá rísépṣọ́n jà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tó sì jẹ́ pé àwọn tó ní wẹ́ẹ̀bù ló di owó mú, hòtẹ́ẹ̀lì ò tilẹ̀ rí nọ́ńbà káàdì ẹ̀ rí.

Ìgbésẹ̀ 2: ẹ ka ọjọ́ yín, ibi tó yẹ ni kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á

Èyí lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì kà. Ọjọ́ tí báńkì gba họ́ọ̀dù wọlé ni ọjọ́ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kánsù. Tí ẹ bá búkù ní ọjọ́ Ajé tí ẹ sì kánsù ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ajé ni kí ẹ ti máa kà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì ló ń di owó mú lọ́jọ́ tí ẹ búkù, àwọn mìíì á fi káàdì pamọ́, ó bá ku ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ dé kí wọ́n tó gbé họ́ọ̀dù lé e, torí náà inú áàpù ni kí ẹ ti wo ọjọ́ yẹn, ẹ má wò ó nínú ìmeèlì búkìn.

Mélòó wá ni ọjọ́ ọ̀hún? Báńkì kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu tiẹ̀. Lórí dẹ́bítì nílùú ọba, nǹkan bí ọjọ́ méje ni ọ̀pọ̀ họ́ọ̀dù máa ń lò kó tó bọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n òwò hòtẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀bù. Òfin àwọn Visa àti Mastercard gbà kí àṣẹ tí hòtẹ́ẹ̀lì gbà lórí owó tí iye ẹ̀ ò tíì dájú wà títí dé nǹkan bí ọjọ́ 30, torí àlejò lè sùn pẹ́, ó lè jẹun, ó lè fọ́ nǹkan, owó á sì lé sí i. Nítorí náà báńkì tó bá ń ṣọ́ra, tó bá ti rí i pé hòtẹ́ẹ̀lì ni, ó lè dì í mú ju ọjọ́ méje lọ dáadáa. Ẹ bi báńkì yín ní ìbéèrè kan péré, ọjọ́ wo gan-an ni họ́ọ̀dù yìí máa bọ́ tí hòtẹ́ẹ̀lì ò bá sọ nǹkan kan? Ẹni tó wà nídìí fóònù máa ń rí ọjọ́ yẹn lójú kọ̀ǹpútà ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tí ò bá sì rí i kó gbé yín fún àwọn tó ń mójú tó káàdì. Ẹ kọ ọjọ́ tó bá sọ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: ẹ bá ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ sì pè é lórúkọ tó ń jẹ́

Tí ọjọ́ tí báńkì dá bá jìnnà tàbí owó yẹn ní ibi tó ń lọ, ẹ má jókòó dúró. Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí jọ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni: nọ́ńbà kánsù tó wà nínú ìmeèlì, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára káàdì, iye owó tó há títí dé pẹ́ńsì, ọjọ́ tó há, àti kọ́ọ̀dù ojú mẹ́fà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kọ́ọ̀dù yẹn, authorisation code lorúkọ ẹ̀, báńkì yín lè kà á fún yín lórí fóònù, òun sì lohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀ torí òun ni hòtẹ́ẹ̀lì á fi wá họ́ọ̀dù yín láàárín ti gbogbo àlejò.

Ẹ má ní kí wọ́n fún yín ní réfọ́ndì. Réfọ́ndì jẹ́ ti owó tí wọ́n ti gbà. Tí ẹ bá béèrè réfọ́ndì, ọmọ rísépṣọ́n á wo kọ̀ǹpútà, á rí i pé wọn ò gba nǹkan kan, á ní ẹ má bínú o, kò sí ohun tí mo lè dá padà, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ohun tí ẹ máa sọ ni pé, búkìn ti kánsù, àṣẹ tí ẹ gbà lórí káàdì mi ṣì wà níbẹ̀, ẹ bá mi fi authorisation reversal ránṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n so yín mọ́ àwọn tó ń ṣe ákáńtì hòtẹ́ẹ̀lì, lọ́jọ́ iṣẹ́, láàárọ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru náà máa ń mọ ẹ̀rọ yẹn dáadáa torí àwọn ló ń ti ìwé ọjọ́ náà pa lóru. Lẹ́yìn náà ẹ fi ohun tí ẹ sọ ránṣẹ́ ní ìmeèlì, kó má di pé ẹ̀ ń wá ẹ̀rí lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká fi èèyàn kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní nọ́ọ̀sì kan ní Mànsẹ́sítà fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó ní Bámíńgámù, ó búkù alẹ́ méjì ní Monday 2 oṣù kẹfà, páùn 138 lálẹ́ kan, àpapọ̀ ẹ̀ páùn 276. Páùn 640 ló wà nínú ákáńtì ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, hòtẹ́ẹ̀lì di owó alẹ́ méjèèjì mú lójú ẹsẹ̀, ó wá ku páùn 364 tó lè ná. Ní Thursday 5, àbúrò ẹ̀ tó ń gbé níbẹ̀ ní kó wá sùn lọ́dọ̀ òun, ó kánsù, ó sì ṣì wà láàárín àkókò tí kánsù jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n páùn 550 owó ilé ẹ̀ máa jáde ní Monday 9, dáírẹ́ẹ̀tì dẹ́bítì ni, báńkì sì máa ń wo owó tó ṣe é ná ni, wọn ò ní wo 640 tó wà nínú ákáńtì. Owó ilé 550, owó tó ṣe é ná 364: kò lè lọ.

Tó bá ń ka ọjọ́ méje láti ọjọ́ tó kánsù, á rò pé Thursday 12 ló máa bọ́. Rárá o, láti Monday 2 ni, á bọ́ ní Monday 9, ìyẹn ọjọ́ tí owó ilé fẹ́ jáde gan-an. Dáírẹ́ẹ̀tì dẹ́bítì máa ń jáde láàárọ̀ kùtùkùtù, họ́ọ̀dù lè máà tíì bọ́ nígbà yẹn. Torí náà ó yẹ kó pe hòtẹ́ẹ̀lì ní Friday 6 láàárọ̀, kí wọ́n so ó mọ́ àwọn tó ń ṣe ákáńtì wọn, kó fún wọn ní kọ́ọ̀dù ojú mẹ́fà àti 276, kó sì ní reversal lòun fẹ́. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án Friday, iṣẹ́ yẹn lè dé báńkì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè gba ọjọ́ kan sí méjì kó tó hàn nínú áàpù. Òpin ọ̀sẹ̀ kì í dá a dúró, kọ̀ǹpútà ló ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ní Saturday tàbí Sunday, Pending yẹn á kàn pòórá, 640 á padà sójú. Kò ní sí álátì kírẹ́díìtì kankan o, kò sí ohun tí wọ́n máa kọ síbẹ̀ pé owó wọlé, torí owó ò jáde. Àwọn èèyàn máa ń wo sítétímẹ́ǹtì títí wọ́n á máa wá ibi tí owó ti padà, wọn ò lè rí i láéláé. Bálánsì tó ṣe é ná ni kí ẹ máa wò.

Ìgbésẹ̀ 4: tí hòtẹ́ẹ̀lì bá ní àwọn ti tẹ̀ ẹ́ tí kò sì bọ́

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Báńkì máa ń gbìyànjú láti so reversal mọ́ họ́ọ̀dù tó bá a mu, ó ń fi kọ́ọ̀dù àti iye owó wé ara wọn, tí hòtẹ́ẹ̀lì bá wá tẹ páùn 138 dípò 276, tàbí tó ti orí ẹ̀rọ mìíì fi ránṣẹ́, kò ní so pọ̀ tàbí kó jẹ́ apá kan ló máa tú. Ẹ ní kí hòtẹ́ẹ̀lì sọ ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n fi ránṣẹ́ àti iye tí wọ́n tẹ̀. Tí wọ́n bá ní réfọ́ndì làwọn ṣe, ẹ bi wọ́n ní ARN ẹ̀, nọ́ńbà gígùn kan ni tó ní ojú 23. Owó tó ti kọjá lọ sódì kejì nìkan ló ń ní ARN. Tí áàpù yín ṣì ń sọ pé Pending, tí wọn ò sì rí ARN kankan fún yín, ẹ mọ̀ pé kò sí réfọ́ndì tí wọ́n ṣe, ẹni tó dá yín lóhùn kò mọ ìyàtọ̀ ni.

Nígbà náà ẹ ní kí hòtẹ́ẹ̀lì kọ lẹ́tà kúkúrú lórí ìwé wọn: orúkọ yín, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, kọ́ọ̀dù ojú mẹ́fà, iye owó, ọjọ́, àti gbólóhùn kan pé àwọn ò ní gba owó yìí mọ́ lórí àṣẹ yẹn. Gbólóhùn yẹn ni báńkì ń wá. Ìdí tí báńkì fi máa ń kọ̀ láti tú họ́ọ̀dù fúnra wọn ni pé níwọ̀n ìgbà tí àṣẹ bá ṣì wà láàyè, hòtẹ́ẹ̀lì lè wá gba owó náà, báńkì sì gbọ́dọ̀ san án, tí wọ́n bá tú u fún yín tí ẹ ná an tán, ọrùn wọn ló máa wà. Lẹ́tà yẹn ló ń yọ wọ́n kúrò nínú ewu. Àwọn báńkì kan á ní kí hòtẹ́ẹ̀lì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sáwọn tààrà, àwọn mìíì á pe hòtẹ́ẹ̀lì sórí fóònù kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sọ̀rọ̀, ẹ gbà fún wọn.

Ẹ má kánsù káàdì yín torí àtitú owó, họ́ọ̀dù ò ní torí ẹ̀ lọ, orí ákáńtì ló wà. Ẹ má sì tún fi káàdì kan náà búkù hòtẹ́ẹ̀lì mìíì nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì há, kó má baà di méjì.

Tí báńkì bá kàn ń yí yín, òfin ìlú ọba ní ohun tó sọ. Payment Services Regulations 2017, abala 78, sọ pé tí wọn ò bá tíì mọ iye owó gan-an nígbà tí ẹ fọwọ́ sí i, iye tí ẹ̀yin fúnra yín gbà láìṣẹ́kù nìkan ni báńkì lè dì mú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tú u láìfi falẹ̀ tí wọ́n bá ti mọ iye tí òwò náà jẹ́. Tí lẹ́tà hòtẹ́ẹ̀lì bá ti wà lọ́wọ́ wọn pé òdo ni, ẹ kọ ìfisùn fún wọn, ẹ kọ orúkọ òfin yẹn sínú ẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ owó sísan bí irú èyí, ọjọ́ iṣẹ́ 15 ni wọ́n ní láti dá yín lóhùn, àfi tí nǹkan tó ju agbára wọn lọ bá ṣẹlẹ̀, tí ìdáhùn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn ẹ gbé e lọ bá Financial Ombudsman Service, ọ̀fẹ́ ni.

Tó bá jẹ́ káàdì Nàìjíríà ni

Ohun kan náà ni, ṣùgbọ́n álátì dẹ́bítì máa ń wọlé lójú ẹsẹ̀ bíi pé owó ti lọ pátápátá, ìyẹn ló ń já èèyàn láyà. Ẹ bi báńkì yín bóyá ó ti kúrò nínú búùkù bálánsì, ìyẹn owó tó wà nínú ákáńtì, tàbí àfééláàbù bálánsì, ìyẹn èyí tí ẹ lè ná, nìkan ló dínkù. Tó bá jẹ́ àfééláàbù nìkan, họ́ọ̀dù ni, iye náírà tí wọ́n dì mú gan-an ló máa tú sílẹ̀. Tó bá ti kúrò nínú búùkù bálánsì tí hòtẹ́ẹ̀lì sì dá owó padà lẹ́yìn náà, páùn tàbí dọ́là tí wọ́n dá padà ni báńkì máa ṣẹ́ sí náírà lọ́jọ́ tó bá wọlé, ó lè lé tàbí kó dínkù sí èyí tí ẹ san. Nítorí ìyẹn ló fi yẹ kí ẹ sáré gba reversal kí hòtẹ́ẹ̀lì tó gba owó, ẹ má dúró de réfọ́ndì.

Tí Pending bá yí di owó tí wọ́n gbà

Ẹ má ju ìmeèlì kánsù nù tí họ́ọ̀dù bá bọ́. Bíbọ́ tó bọ́ túmọ̀ sí pé báńkì ò di owó mú mọ́ ni, hòtẹ́ẹ̀lì tí ìwé ẹ̀ ò bá tò ṣì lè gbé owó náà wá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ bíi pé ẹ sùn níbẹ̀ tàbí pé ẹ ò yọjú, ẹ kàn máa jí rí i lọ́jọ́ kan ni. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ réfọ́ndì tó dé. Ẹ kọ́kọ́ bi hòtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n bá gbà láti dá a padà ẹ gba ARN lọ́wọ́ wọn, ẹ fún wọn ní bí ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún sí mẹ́wàá. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí báńkì bá yín ṣe chargeback, ìyẹn kí báńkì bá yín gba owó náà padà lọ́wọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ fi ìmeèlì kánsù tó ní ọjọ́ àti àkókò ṣẹ̀rí, àti òfin kánsù tó wà nínú búkìn yín. Ọjọ́ 120 ni àyè tó sábà máa ń wà fún un, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Tó bá jẹ́ kírẹ́díìtì káàdì ilẹ̀ Bìrìtéènì lẹ fi san án, tí owó yàrá náà sì ju páùn 100 lọ tí kò kọjá 30,000, ẹ tún lè lo Section 75 inú òfin Consumer Credit Act, níbi tí ilé iṣẹ́ káàdì ti jọ ń jẹ̀bi pẹ̀lú hòtẹ́ẹ̀lì. Dẹ́bítì ò ní ìyẹn.